Orí 6: Ihò Ló Ń Yan Pọ́ǹpù

Bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta pọ́ǹpù, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà máa ń bi í ni pé, "Ọ́ọ̀sì mélòó lẹ fẹ́?" Ọ̀pọ̀ onílé ti mú èsì dání láti ilé: ọ́ọ̀sì kan àtààbọ̀, torí òun ni aládùúgbò rà. Wọ́n á sanwó, wọ́n á gbé pọ́ǹpù délé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ẹni tó máa gbẹ́ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kànga ẹ̀rọ fi ń tètè kú ní ọ̀pọ̀ ilé. Òpin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí a ó gbẹ́ ló ń sọ irú ihò tí a ó rí, ihò ló ń sọ iye omi tó lè fún wa, omi yẹn àti gíga tánkì ló sì ń sọ irú pọ́ǹpù tó yẹ kí a rà. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn ni a ó tẹ̀ lé nínú orí yìí, ilé kan ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé náà wà ní ìhà Àpẹ̀tẹ̀, ní Ìbàdàn. Ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, èèyàn 8 ló máa gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ púlọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Ẹ̀yìn ilẹ̀ ga díẹ̀, ó sì rọra ń dà sí ojú títì. Onílé kò tíì mọ fẹ́ǹsì, kò sì tíì gbẹ́ sókàwéè. Oríire rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀

Lọ́nà omi, ọ̀nà méjì ni ilẹ̀ Yorùbá pín sí. Ní ìhà òkun, láti Èkó dé Ìkòròdù, àti ní ìhà Ṣakétẹ́ àti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, iyanrìn àti amọ̀ ló tò léra wọn lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í sábà jẹ́ bóyá omi wà, bí kò ṣe bí ó ti jìn tó, àti bóyá iyọ̀ òkun ti wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Adó-Èkìtì, Ìlọrin, títí dé Ṣábẹ̀ẹ́ tí àwọn òkè olókùúta rẹ̀ lókìkí, àpáta ni ilẹ̀ dúró lé. Àpáta tó ṣù kò gba omi sára.

Ibi méjì péré ni omi lè fara pamọ́ sí ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni àpáta tó ti jẹrà, tó di èérún láàárín ilẹ̀ òkè àti àpáta líle. Èkejì ni ìsán tó la àpáta líle náà gan-an. Ìdí rèé tí kànga ẹnìkan fi lè máa ṣàn láti ọdún dé ọdún, kí ti aládùúgbò rẹ̀ tó wà ní mítà mẹ́wàá síbẹ̀ máa tú kìkì eruku. Ìsán kò mọ ààlà púlọ́ọ̀tì.

Gbogbo àpáta tó jẹrà kọ́ ló sì ń fún èèyàn lómi. Bí ó bá jẹrà di amọ̀, ó dà bíi fùfú: omi kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fọwọ́ dá ihò sí i, kò sí ohun tí yóò ṣẹ́ jáde. Èyí tó jẹrà di iyanrìn ló ń tú omi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ amọ̀ àti iyanrìn yìí ni gbogbo iṣẹ́ àyẹ̀wò ilẹ̀ dá lé.

Yíyan ojú ibi

Kí onílé tó pe ẹnikẹ́ni, kí ó kọ́kọ́ rìn yí àdúgbò ká. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti gbẹ́ kànga bí tiwọn ṣe jìn tó, ìgbà tí omi máa ń lọ sílẹ̀, àti bóyá ẹnì kan gbẹ́ tí kò rí omi. Kànga ọlọ́wọ́ tí wọ́n ń fi okùn fà náà wúlò: bí ó bá ṣì ní omi ní oṣù kẹta ọdún, ilẹ̀ ibẹ̀ ní àpáta tó jẹrà dáadáa. Àwọn kan máa ń gbé igi pàlàkà rìn kiri kó lè dọ̀bálẹ̀ níbi tí omi wà. Igi náà kò lè sọ bí àpáta ṣe jìn tó, ìyẹn sì ni ohun tí a ń wá.

Lẹ́yìn náà, kí ó ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ sórí bébà, kí ó sì fi sókàwéè, ṣàláńgá àti ààtàn sí i, ti ara rẹ̀ àti ti àwọn aládùúgbò. Ó yẹ kí kànga jìnnà sí sókàwéè tó mítà 30, kí ó sì wà ní apá òkè rẹ̀, kì í ṣe ibi tí omi rẹ̀ ń dà lọ. Nínú púlọ́ọ̀tì mítà 18 sí 36, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́ ní ìdábùú, mítà 40 péré ló wà. Nítorí náà igun sí igun ni ọ̀nà tó dájú jù láti jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra tó bó ṣe yẹ. Onílé wa fi sókàwéè sí igun iwájú lápá òsì, níbi tí ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó sì fi igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún pamọ́ fún kànga. Ó tún yọjú wo ẹ̀yìn fẹ́ǹsì aládùúgbò. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn lè sá fún sókàwéè tirẹ̀, kó lọ gbẹ́ kànga sí ẹ̀bá ti ẹlòmíràn.

Ìgbà yìí ló wá pe àwọn tó ń fi iná mànàmáná yẹ ilẹ̀ wò. Wọ́n máa ń gún irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. Irin méjì tó wà lóde ń rán iná wọ ilẹ̀, méjì tó wà láàárín ń wọn ohun tó kù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń fa irin òde síwájú sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná náà ń rìn jìn sí i. Ohun tí wọ́n ń wọn ni bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà, óòmù-mítà sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Amọ̀ tó rin kì í dí iná púpọ̀: iye rẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ 100. Àpáta tó jẹrà di iyanrìn lè wà láàárín 100 sí 300. Àpáta tó sán tí omi wà nínú rẹ̀ lè ju ìyẹn lọ títí dé ọgọ́rùn-ún bíi mélòó kan, nígbà tí àpáta tó ṣù máa ń kọjá 1,000.

Onílé gbọ́dọ̀ mọ ohun kan: bí iná ṣe ń jìn tó jẹ́ ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́ta gígùn tí wọ́n fa wáyà dé. Láti rí ohun tó wà ní mítà 40, wáyà gbọ́dọ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 120 sí 160. Púlọ́ọ̀tì mítà 36 kò lè gbà á. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fa wáyà gba ojú títì tàbí inú ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́. Bí ẹnì kan bá ta wáyà láàárín fẹ́ǹsì rẹ nìkan, tó wá sọ fún ọ pé omi wà ní mítà 50, kò rí ibẹ̀.

Wọ́n wọn ojú ibi mẹ́ta fún onílé wa. Ẹ̀yìn ilé ìdáná, tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́, ní àpáta líle tó ti bẹ̀rẹ̀ láti mítà 6, iye rẹ̀ sì ju 1,500 lọ: kò sí ibi tí omi lè dúró sí níbẹ̀. Iwájú ilé jẹrà jìn dé mítà 30, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ jẹ́ 25, amọ̀ gidi nìyẹn, ó sì tún sún mọ́ sókàwéè. Igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún jẹrà dé mítà 22 pẹ̀lú iye 150, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpele kan tí iye rẹ̀ jẹ́ 400, kí àpáta tó ṣù tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n yàn. Kì í ṣe pé àyẹ̀wò náà búra. Ìsán tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní jíjìn lè fara pamọ́ fún iná, amọ̀ sì lè fi ara rẹ̀ jọ iyanrìn olómi. Ohun tó ṣe ni pé ó yọ ibi méjì tí ìbá jẹ owó gbé kúrò lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ kan kù: ọkọ̀ rígì tóbi. Ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé, kí òpó rẹ̀ sì lè nà ró láìfọwọ́ kan wáyà iná. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí a gbẹ́ kànga kí fẹ́ǹsì tó dé.

Ọjọ́ gbígbẹ́

Oṣù kejì sí oṣù kẹrin ni ó dára jù láti gbẹ́, torí omi abẹ́ ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dé ibi tó máa ń lọ dé. Kànga tí a gbẹ́ láàárín òjò lè fi omi tí kò ní sí ní ọ̀gbẹlẹ̀ tàn wá jẹ.

Ìjìn ni wọ́n fi ń gbowó, nítorí náà kí onílé jókòó kí ó máa ka ọ̀pá irin bí wọ́n ṣe ń so wọ́n mọ́ra wọn wọlẹ̀, kí ó sì wọn gígùn ọ̀pá kan fúnra rẹ̀. Kí ó tún sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bu ohun tó ń jáde sílẹ̀ ní òkìtì kéékèèké, òkìtì kan fún mítà mẹ́ta mẹ́ta. Òkìtì wọ̀nyẹn ni ìwé ìtàn ilẹ̀ náà. Yẹ̀pẹ̀ pupa àti yangí ló máa ń kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà èérún tó ń dán. Bí irin bá dé orí àpáta líle, eruku funfun bí ẹ̀lùbọ́ ni yóò máa fẹ́. Bí eruku yẹn bá dákẹ́ lójijì tó di ẹrẹ̀, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú, wọ́n ti kan ìsán.

Ní ilé wa, àpáta líle bẹ̀rẹ̀ ní mítà 23, ó sún mọ́ ohun tí àyẹ̀wò sọ. Ní mítà 40 ni omi tú. Wọn kò dúró síbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ dé 60, torí ihò tó jìn ju ibi tí omi ti ń wọlé lọ máa ń jẹ́ kí iyanrìn rí ibi jókòó sí, ó sì ń pa omi mọ́. Wọ́n ki kéésìn rọ́bà onínṣì 5 wọ inú rẹ̀, èyí tó ní ojú wínníwínní ní ibi tí omi ti ń wọlé nìkan, wọ́n sì da òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lórí gbogbo rẹ̀, mítà 6 àkọ́kọ́ láti òkè gbọ́dọ̀ jẹ́ síméńtì láàárín kéésìn àti ilẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń dárí owó sápò, torí ojú kò rí i mọ́ lẹ́yìn náà. Bí kò bá sí síméńtì níbẹ̀, omi ìdọ̀tí orí ilẹ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ kéésìn sọ̀kalẹ̀ tààrà, mítà 30 tí a fi jìnnà sí sókàwéè kò sì ní gbà wá mọ́. Kí onílé rí síméńtì tí wọ́n ń pò ọ́, kí ó rí i tí wọ́n ń dà á.

Wíwọn ohun tí ihò lè fún wa

Wọ́n fọ ihò náà títí omi fi mọ́. Ọ̀pọ̀ á ní iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Wọn á sọ pọ́ǹpù sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, omi á máa rọ́ jáde, gbogbo ilé á máa yọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí wọ́n rí.

Nínú kéésìn onínṣì 5, mítà kan ìjìn ń gba nǹkan bíi lítà 10 omi. Ní ilé wa, omi dúró ní mítà 9 láti òkè, ihò sì jìn tó mítà 60. Mítà 51 ni omi tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn bíi lítà 510. Bí pọ́ǹpù bá ń fa lítà 30 ní ìṣẹ́jú kan, yóò gba ìṣẹ́jú 17 kó tó fa ohun tó ti wà nínú ihò tán, kódà bí ilẹ̀ kò bá dá lítà kan padà. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò wọn ilẹ̀ rárá. Ó kàn wọn ìgò tí ilẹ̀ ń bù sí ni.

Nítorí náà, wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi fa omi ní ilé wa. Pọ́ǹpù àyálò ń kún garawa lítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá 40, ìyẹn lítà 30 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ń sọ okùn tó ní òṣùwọ̀n sínú ihò láti mọ ibi tí omi dé. Ó ti orí mítà 9 sọ̀ kalẹ̀ dé 22 ní wákàtí àkọ́kọ́, ó dé 32 ní wákàtí kẹrin, ó sì dúró síbẹ̀. Dídúró yẹn ni ohun tí a ń wá: ohun tí ilẹ̀ ń dá padà ti bá ohun tí a ń fà dọ́gba. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀ síbẹ̀ ní wákàtí kẹfà, ihò náà kò lè gbé iye yẹn, kí a dín in kù.

Ẹni tó gbọ́n kì í fa gbogbo ohun tí ihò lè fún un. A mú ìdá méjì nínú mẹ́ta: lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan. Èèyàn 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 100 lójúmọ́ yóò lo lítà 800. Tánkì lítà 2,000 yóò tó wọn fún ọjọ́ méjì àtààbọ̀, ìṣẹ́jú 100 sì ni pọ́ǹpù yóò fi kún un.

Ìgbà yìí ni ká lọ ra pọ́ǹpù

Nọ́ńbà méjì ni onílé wa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Èkíní ni lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan. Èkejì ni gíga tí omi yóò gùn. Láti ibi tí omi sọ̀ kalẹ̀ dé nígbà tí a ń fà á, mítà 32, títí dé orí ilẹ̀. Láti orí ilẹ̀ títí dé ẹnu tánkì, mítà 8. Àti mítà 3 fún wàhálà tí omi ń rí nínú páìpù àti ìgúnpá rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 43. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 45.

Sùmó tó lè gbé lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan gun mítà 45 kì í ju ọ́ọ̀sì ààbọ̀ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ́ọ̀sì lọ. Àwọn tó ń tajà lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ra ọ́ọ̀sì kan àtààbọ̀ tó ń fa lítà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ìlọ́po méjì ohun tí ilẹ̀ lè dá padà ni yóò máa fà. Omi yóò tán lórí pọ́ǹpù, yóò máa mu afẹ́fẹ́, mọ́tò tí omi ló yẹ kó máa tù ú lára yóò gbóná, yóò sì jó. Kí ó tún ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé pọ́ǹpù náà ń gun mítà 60, ibi tí omi kò ti ní jáde mọ́ rárá ni wọ́n ń sọ. Kí ó béèrè àtẹ tó fi hàn iye lítà tó ń fún èèyàn ní mítà 45.

Ibi tí a ó fi pọ́ǹpù kọ́ sí nínú ihò náà ní ìdí. Mítà 36 ni wọ́n yàn. Ó wà nísàlẹ̀ 32 tí omi lè dé, nítorí náà mítà 4 omi yóò máa bò ó. Ó sì wà lókè 40 tí omi ti ń wọlé. Mọ́tò sùmó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹnu tó fi ń mu omi wà lókè mọ́tò. Bí omi bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọjá lára mọ́tò kó tó dé ẹnu yẹn, ó sì ń tù ú lára. Bí a bá sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, omi yóò máa wọlé láti òkè láìkan mọ́tò.

Páìpù rọ́bà dúdú tó wà ní róòlù kan ni wọ́n fi gbé e, láìsí oríkèé tó lè já, pẹ̀lú okùn náílọ́ọ̀nù tó lágbára fún ààbò. Wọ́n fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sí ẹnu pọ́ǹpù, wọ́n sì fi fáàfù mìíràn sí orí kànga láti dín omi kù bí ó bá pọ̀ ju lítà 20 lọ. Bọ́ọ̀lù inú tánkì ń pa iná bí ó bá kún. Ẹ̀rọ kékeré kan nínú àpótí iná sì ń pa á bí omi bá lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ihò. Bí jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa gbé e, kí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí mọ́tò ń jẹ, torí ìgbà tó bá ń gbéra ló ń jẹ iná jù.

Láti tánkì dé ẹnu ẹ̀rọ

Lítà 2,000 omi wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì, nítorí náà ìdúró tánkì jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ nípa òpó kọnkéré tàbí irin. Mítà 6 ni ìdúró ti ilé wa. Ṣáwà wà ní mítà 2 láti ilẹ̀, mítà 4 tó kù ló ń ti omi jáde, ó sì tó. Fún ilé alájà kan, ṣáwà òkè yóò sún mọ́ tánkì débi pé omi yóò kàn máa sun. Kí ìdúró ga sí i. Torí pé ìtì omi láti tánkì kò lágbára, páìpù tó ń jáde gbọ́dọ̀ tóbi, onínṣì kan àtààbọ̀ tàbí méjì, kó tó di kékeré bó ṣe ń pín wọ yàrá. Ẹnu ìjáde kí ó ga díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tánkì kí ẹrẹ̀ má bàa tẹ̀ lé omi, kí páìpù mìíràn sì wà nísàlẹ̀ gan-an fún fífọ̀ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó mu omi náà, kí a fi kiloríìnì fọ ihò, páìpù àti tánkì, kí a sì gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò. Òfin omi mímu Nàìjíríà kò fẹ́ kí kòkòrò ìgbẹ́ kankan wà nínú mílílítà 100, kò fẹ́ kí irin kọjá mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan, kò sì fẹ́ kí náítíréètì kọjá 50. Irin ni ó ń sọ aṣọ funfun di pupa. Àsẹ́ lè yọ ọ́. Náítíréètì ni kí a máa ṣọ́ lọ́dọọdún. Bí ó bá ń gòkè, ó ṣeé ṣe kí sókàwéè kan ti rí ọ̀nà dé inú kànga, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé lẹ́yìn fẹ́ǹsì.

Níkẹyìn, onílé, gba bébà kan kí o sì kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí i: ihò jìn tó 60, omi dúró ní 9, ó sọ̀ kalẹ̀ dé 32 lábẹ́ lítà 30, ó ń wọlé ní 40, pọ́ǹpù wà ní 36. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí iná. Lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù bá kú, ẹni tó bá wá yọ ọ́ kì yóò ní láti méfò.